Ọ̀rọ̀ Ẹnu Èèyàn Mẹ́ta

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gbẹ́ni Limaye fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Pune ní Íńdíà, kò sì sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí Revati, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní kó bá òun kọ ohun tí àwọn òṣèré yóò sọ nínú fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá tó fẹ́ ṣe, kò tíì parí ojú ewé kìn-ín-ní tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lójú fíìmù.

Ìtàn náà ò le: bàbá, ìyá, àti ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sí Jámánì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èmi ni mo fẹ́ fi kámẹ́rà ya fíìmù náà, torí náà mo wà ní pálọ̀ Limaye lọ́jọ́ tí Revati fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, tó ní kí Kusum, ìyàwó Limaye, kà á, kó sì sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Kusum ka ìlà mẹ́ta. "Ọkọ mi ni." Ó tún ka mẹ́ta sí i. "Òun náà ni. Ọmọbìnrin yìí gan-an, ọkọ mi ni."

Ó dé ibi tí ìyá ti pe bàbá ní Vinayak, ó dákẹ́. Ó ní ẹnu òun ò lè pe orúkọ ọkọ, ìbáà ṣe ọkọ inú ìwé. Limaye ṣàlàyé pé báyìí làwọn òǹwòran yóò fi mọ orúkọ bàbá.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?" Kusum bi í.

Revati rọra sọ fún Limaye pé bó bá di Sátidé tí ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́ ọ̀kan, ẹlòmíràn lòun yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Inú bí Limaye débi pé abọ́ méjì poha, ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín, ló jẹ láìfọhùn. Ó yan odì fún ọjọ́ méjì. Ibi tó ti dákẹ́ ló ti wá ń gbọ́ bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, Kusum nìkan ló ka ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Kílò mẹ́tàlélógún ni wọ́n gbà. Àpótí yìí jẹ́ méjìlélógún àtààbọ̀."

"Ṣé súwẹ́tà wà níbẹ̀?"

"Màámi, mo ti..."

"Aago mẹ́fà kọjá ogún iṣẹ́jú lọkọ̀ máa dé."

"Ta ló máa máa se oúnjẹ fún ẹ?"

Revati ò bo orúkọ kankan mọ́. Ojú ewé méjì tí wọ́n fi ń dágbére tẹ́lẹ̀ ti di gbólóhùn méjì lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ń bọ̀," lọmọ wí. Ìyá ní, "Máa bọ̀." Ní Pune wa, ẹni tó ń sọdá òkun pàápàá kì í sọ pé òun ń lọ.

Ó ku ìlà kan, èyí tí Limaye fẹ́ràn jù, tó fún bàbá láti sọ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lọ: ilé yìí ti ṣófo láti òní lọ. Ó gbọ́rùn sókè, ó ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kusum ti ka "Máa bọ̀" tán, ó ti pa ìwé dé, ó ń wo ilẹ̀kùn. Limaye fa ìwé náà mọ́ra, ó yọ bírò, ó sì fagi lé ìlà náà fúnra rẹ̀.

Revati ní orúkọ Limaye nìkan ló máa wà lójú fíìmù gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Limaye bèèrè bí lẹ́tà orúkọ náà á ṣe tóbi tó.

Ẹ bi í léèrè ohun tó kọ sínú fíìmù náà lónìí, ìlà tó fagi lé yẹn ló máa kà fún yín, láìwo ìwé, tohùntohùn.