Kẹ́ẹ̀gì Soliu àti Họ́ńdà Tíṣà

Kí Họ́ńdà Tíṣà Adéoyè tó yọ ní kọ̀rọ̀ ni àdúgbò ti gbọ́ ọ. Ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Bí Tíṣà bá ti yí sitiárín, igbe á tún le sí i. Sàrátù kò dìde. Orí àga tí ìyá ìyá rẹ̀ gbé ti Gánà bọ̀ ló jókòó sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ ní Ìlọ́bù láti ọdún méjìlélógún.

Tíṣà bọ́ sílẹ̀. Soliu, mẹkáníìkì rẹ̀ láti Ìfọ́n, tẹ̀ lé e. Tíṣà gbé òfìfo igo ka orí tábìlì.

"Ayédèrú ọ́ìlì lo tà fún mi."

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Sàrátù wí. Ẹnu rẹ̀ kí i; orúnkún rẹ̀ kọ̀.

"Mi ò wá kí ọ. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ Ìfọ́n. Láti òní lọ, tíṣà kankan láti Ìfọ́n kò ní ra nǹkan níbí mọ́. Ará Ìlọ́bù ni yín, kí la tilẹ̀ fẹ́ retí?"

Àwọn tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà dẹwọ́ iṣẹ́. Sàrátù mọ ohun tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà láàárín ìlú méjèèjì tó ti ń bára wọn jà lórí ilẹ̀ tipẹ́. Ìdajì oníbàárà rẹ̀, Ìfọ́n ni wọ́n ti ń wá. Bí ó bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù ti tú nìyẹn.

"Soliu, sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ọ́ìlì sitiárín kún un. Ọjọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Sitiárín wá ń wúwo bí ọmọ ọlọ. Ó ti ń jò báyìí."

Sàrátù ya pépà funfun kan, ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú ìdérí agolo ọ́ìlì sitiárín, ó ti igi tín-ín-rín bọ̀ ọ́, ó kán an sórí pépà. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó wá ṣí igo tuntun, irú èyí tó tà fún Tíṣà gan-an, ó kán tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dà bí òróró ẹ̀pà.

"Soliu, pupa yìí, níbo ló ti wá?"

"Ṣé ọ́ìlì kì í yí àwọ̀ ni?"

"Bó bá pẹ́, ó máa ń dúdú. Kì í pọ́n."

Soliu rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ta igo lẹ máa ń pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ́ìlì sitiárín, ọ́ìlì sitiárín ni. Èmi kì í fi ṣòfò o. Ìyókù igo gbogbo, inú kẹ́ẹ̀gì kan ni mo ń dà á sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń bù fún gbogbo ọkọ̀. Ọkọ̀ Kámúrì ò ráhùn rí."

Tíṣà yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀.

"O da igo tí mo rà sínú kẹ́ẹ̀gì?"

"Gbogbo wọn ni mo dà pọ̀, sà."

"Kámúrì àtijọ́ ń mu pupa," ni Sàrátù wí, "ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára ìdérí rẹ̀. Gọ́ọ̀fù ń mu aláwọ̀ ewé. Họ́ńdà kò mu ìkankan nínú méjèèjì. Àbùlà lo fún un mu."

"Ẹ̀yin náà ń ta èyí tí wọ́n kọ 'gbogbo ọkọ̀' sí," ni Soliu ta padà. "Ó wà lórí pẹpẹ yín níbẹ̀ yẹn."

Ó dun Sàrátù, torí òótọ́ ni. "Mo ń tà á. Orúkọ àwọn ọkọ̀ tó lè mu ún wà lẹ́yìn igo. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, mi ò gba owó rẹ̀. Ìwọ, ìgbà wo lo yí igo wo ẹ̀yìn rí?"

Tíṣà wúkọ́. "Fún mi ní òmíràn."

"Igo mẹ́ta ni. Wọn á fa gbogbo tinú rẹ̀ jáde, wọn á fi tuntun ṣàn án kó tó mọ́. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, ọ́ìlì tuntun ò ní dí jíjò o. Ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀." Sàrátù kó igo mẹ́ta jọ, ó gbé ọwọ́ lé wọn. "Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ, àbí? Ẹ ka ohun tó wà lára ìdérí Họ́ńdà yín fún wa."

Ojú Tíṣà le. Ó wo ọkọ̀, ó wo ọ̀nà Ìfọ́n. Ọ́ìlì Họ́ńdà kò sí níbòmíràn nítòsí.

Ó tẹrí ba wo ìdérí náà, ó kà á lábẹ́ ẹnu.

"Àwọn tó gbọ́ 'ayédèrú' ò gbọ́ ìyẹn, sà," ni Sàrátù wí. "Wọ́n wà lọ́hùn-ún nídìí táyà."

Tíṣà nàró. Ó kà á sókè tí àwọn onítáyà fi gbọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀: ọ́ìlì sitiárín ti Họ́ńdà nìkan.

Sàrátù gbé ọwọ́ kúrò lórí igo.