Òbìrìkítì Tó Gé Mùktárù Kúrò

Nimotallahi aránṣọ àti ọkọ rẹ̀, Mùktárù, ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣógúnlé. Òun ń ránṣọ, ọkọ ń tún fáànù ṣe. Fáànù tó ti dákẹ́ ló kún ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, débi pé oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ yóò kọ́kọ́ fara nù ún kó tó jókòó.

Lọ́jọ́ kan, ó wu Nimotallahi pé kí dípì Wáàsápù òun náà rí bíi ti àwọn aránṣọ ńlá. Àwòrán òun àti ọkọ rẹ̀ nígbà Iléyá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ameenat, àbúrò rẹ̀, yà á nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ òkìtì fáànù bọ́ sínú àwòrán lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú Mùktárù tó lóṣòó sáàárín wọn. Ameenat ní ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú fóònù, ó ń fà á títí ó fi ku ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti orí ẹ̀rọ nínú òbìrìkítì tí Wáàsápù máa ń fi dípì sí. Gbogbo pàǹtí ẹ̀gbẹ́ ti lọ. Nimotallahi fi í ṣe dípì, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mùktárù ń di fáànù sínú àpò, ó ń fi okùn so ó. Ó ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Bọ́ládé. Ẹ̀rù ba Nimotallahi gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́, ló bá bi í léèrè. Mùktárù fi dípì hàn án. Ta ni kò mọ̀ pé bí obìnrin bá yọ ọkọ rẹ̀ kúrò lórí dípì, ilé ti dàrú nìyẹn?

Ó bẹ̀ ẹ́ pé, “Bàbá Zakariyah, fáànù la fẹ́ gé, ẹ̀yin kọ́.”

“Fáànù bàbá yín ní Ailegun ni mo wá tún ṣe tí mo fi rí ẹ,” ni Mùktárù wí. “Bó o bá gé fáànù, èmi náà lo gé.”

Ojú ti Nimotallahi, ìfẹ́ ọkùnrin yìí sì tún gbá a láyà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ó pe Ameenat pé kó wá ya òmíràn. Tọkọtaya jókòó, ṣùgbọ́n Ameenat ní òbìrìkítì ń jẹ etí Mùktárù, kí wọ́n sún mọ́ra. Wọ́n sún. Ó ní kí wọ́n tún sún sí i, títí orí wọn fi kanra.

Nimotallahi ní kó dúró ná. Ó na ọwọ́ sínú àpò tí Mùktárù di fáànù sí, ó fa fáànù kékeré kan yọ, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì.

“Ó yá, yà á,” ló wí. “Èyí tó bá wà láàárín, òbìrìkítì kò lè gé e.”

Nígbà tí wọ́n yà á tán, Mùktárù lọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.