Ìlà Kan Lókè Ojúewé

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dán mi wò níléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe ojúewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ó pé gan-an ni oníbàárà wá wo iṣẹ́ mi. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Máàpù tó ń fi ibi tí ọkọ̀ aláìsàn dé hàn ni mo ṣe, ó sì hàn kedere nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ọ̀gá ṣí ojúewé náà, máàpù ò sí. Àkọlé òkè àti àwọn bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé n kò fi nǹkan kan sáàárín wọn rí. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ráhùn pé àṣìṣe kan wà. Oníbàárà wo aago rẹ̀, ó dìde.

Mo padà sídìí iṣẹ́, mo wá ohun tó fà á kàn. Inú àpótí, ìyẹn àyè onígun mẹ́rin, la máa ń to nǹkan sí lójúewé; mo ti ní kí àpótí máàpù ga dọ́gba pẹ̀lú àpótí tó gbé e sínú. Ìyẹn náà ń wo gíga èyí tó gbé òun, títí dórí èyí tó wà lókè pátápátá, tí mo ní kó ga tó ojú kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ti yọ ìlà àṣẹ tó fún ti òkè yẹn ní gíga. Kò wá sí èyí tó ní gíga kan pàtó mọ́, ohun inú àpótí ló kù tí ó lè gbé e dúró, máàpù kò sì ní gíga tirẹ̀ tó lè fi gbé àpótí dúró. Gbogbo wọn wálẹ̀ sí òdo.

Mo wo àkọsílẹ̀ àtúnṣe, tó ń fi ẹni tó yí nǹkan padà hàn. Ẹ̀gbọ́n ni, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ọ̀rọ̀ ló kún ojúewé tí òun ń ṣe nínú iṣẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ sì máa ń gbé àpótí dúró fúnra rẹ̀, nítorí náà kò lè rí ohun tó bàjẹ́.

Òmùgọ̀ ni mí. Òun ni mo kọ́kọ́ lọ fi hàn, nítorí ọ̀wọ̀. Ó ní kí n lọ bọ́jú, òun máa ṣàlàyé fún ọ̀gá.

Nígbà tí mo padà wọlé, máàpù ti padà, ọ̀gá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n pé ó tún iṣẹ́ mi ṣe. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní òun ò lè gbà mí síṣẹ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ yọ ìlà yẹn.”

Ẹ̀gbọ́n rọra rẹ́rìn-ín. “Inú ń bí i ni, sà. Ẹ má bá a wí.”

Ọ̀gá ò mọ àkọsílẹ̀ kà, kò sì béèrè. Ẹ̀gbọ́n bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n máa pe òun bí iṣẹ́ bá ta kókó fún mi.

Ẹnu mi, tó ti mọ́ ọn lára, ló dá a lóhùn: “Ẹ ṣé, sà.”