Páńẹ́lì Olójú Méjì Lórí Ọ̀dà Dúdú

Mọ́fẹ́yìsára kò kí Bámijókò dáadáa, Bámijókò náà kò sì jẹ́ ẹ bí èèyàn. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn láti ọjọ́ tí ọkọ Mọ́fẹ́yìsára ti kú, tí ó fi ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Emùré sílẹ̀ fún un. Bámijókò ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó tí ẹbí dá jọ fún sólà wà, ó sì dì í mú bí ẹni pé òun nìkan ló dá a.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gun òrùlé, àwọn méjèèjì àti Adéwọlé, oníṣẹ́ sólà láti Ìkẹ́rẹ́. Òrùlé ọ̀hún kì í ṣe ti páànù; kọnkéré pẹrẹsẹ ni. Nígbà tí ó jò lọ́dún tó kọjá, Bámijókò fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n da ọ̀dà dúdú bò ó láti igun dé igun. Oòrùn ti mú un rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ wọn ní bàtà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Owó náà á ra páńẹ́lì olójú kan mẹ́jọ àti bátìrì ńlá tí yóò gbé iná mọ́jú. Bí ó bá jẹ́ páńẹ́lì olójú méjì, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, bátìrì kékeré ni owó tó kù máa ká, iná rẹ̀ kò sì ní kọjá aago mọ́kànlá alẹ́. Obìnrin tó ń rọbí kì í sì í wo aago.

"Ojú méjì sàn ju ojú kan lọ," ni Bámijókò wí. "Ulé àbúrò mi rè é. Mi ò ní kó olójú kan wọ̀ ọ́."

"Àbúrò yín náà ló ní kí n máa gbẹ̀bí níbẹ̀, Bàbá Tolúlọpẹ́," ni Mọ́fẹ́yìsára fèsì. "Kò ní kí n máa ṣe é nínú òkùnkùn."

Adéwọlé kò bá wọn dá sí ìjà. Olójú méjì kan tí Bámijókò gbé wá fún àpẹẹrẹ wà lórí búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, àlàfo ìka mẹ́rin sí ilẹ̀, bí Bámijókò ṣe pa á láṣẹ kí ìjì má baà gbé e. Adéwọlé ki mítà tí ń ka agbára iná bọ̀ ọ́: ámúpù méjìlá póìǹtì mẹ́fà. Ó ki páálí dúdú bọ abẹ́ rẹ̀, ó dí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pa: méjìlá póìǹtì márùn-ún.

"Ẹ wò ó, bàbá. Ẹ̀yìn kì í rí oòrùn fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ bá ta padà ló ń jẹ. Ọ̀dà dúdú yìí ń gbé e mì, èyí tó ṣẹ́ kù kò sì ríbi gbà wọlé."

"Tí a bá fi funfun sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Mọ́fẹ́yìsára ló bi í. Ó kórìíra ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Wọ́n tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n gbé páńẹ́lì sórí àga méjì. Mẹ́tàlá póìǹtì mẹ́rin.

Bámijókò pàtẹ́wọ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ ò parọ́, bàbá. Lórí funfun, tó bá ga, ó ń fi nǹkan kún un. Ṣùgbọ́n bí a bá kun funfun lé ọ̀dà yìí, ọ̀dà á yọ gba inú rẹ̀, á sọ ọ́ di rúsúrúsú. Eruku ọyẹ́ á parí ìyókù. Irin tí yóò gbé e ga, tí ìjì ò fi ní ká a lọ, owó ọ̀tọ̀ ni. Lórí òrùlé yìí, kò pé."

Mọ́fẹ́yìsára mí kanlẹ̀. "Ó ti yé wa. Ẹ dá ẹyọ kan yìí padà, ká lọ ra bátìrì ńlá."

Bámijókò wo bàtà rẹ̀. "Mo ti rà wọ́n tán."

"Kí lẹ rà?"

"Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àti bátìrì kékeré. Ó ti wà ní ulé mi láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó tà á l'Ákùrẹ́ ní òun kì í gbà á padà."

"Kí la wá gun òkè yìí wá ṣe?"

"Kí o lè mọ̀ pé mo mọ nǹkan."

Mọ́fẹ́yìsára sọ̀ kalẹ̀, ó mú gègé ńlá tí wọ́n fi ń kọ orúkọ sára ike oògùn, ó sì ní kí Bámijókò ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún òun. Ọkùnrin náà rò pé ìjà ti parí, ó kà á kedere. Mọ́fẹ́yìsára kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá ìbímọ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ yìí lé e lórí: *Tí iná bá kú lóru, ẹ pe Bàbá Tolúlọpẹ́ kó wá gbé tọ́ọ̀ṣì dání.*

"Pa á rẹ́!" ni Bámijókò ké.

Àwọn aboyún mẹ́fà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó wá láti ìlú Ọ̀run, tí oṣù rẹ̀ ti pé, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá," ó ní, "ta ni Bàbá Tolúlọpẹ́?"

Mọ́fẹ́yìsára nàka sí Bámijókò.