Ìlà Sùúrù

Ọ̀wọ̀ ló kún inú lẹ́tà tí Memounatou kọ sí Bantè, ẹ̀gún ló sì kún inú ọ̀wọ̀ náà. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbà ní Savalou ló ti ń ṣiṣẹ́. Sanoussi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bantè, ló yẹ kó fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì méjìlá ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka èdè wọn. Ọjọ́ Ajé rèé, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ń lọ kó ìwé ní Cotonou. Kíláàsì tí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò bá tíì dé kí ọkọ̀ tó lọ, ọwọ́ òfìfo ni yóò fi lo ọdún 1996 tán.

Ó gbé lẹ́tà náà fún Madeleine tó máa ń tẹ̀wé. Àgbà ni Madeleine, Ìyá Abdias ni wọ́n ń pè é. Ó wọ jígí rẹ̀, ó kà á sókè:

“‘Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti mọ̀ dáadáa, ọjọ́ Ẹtì la jọ fi àdéhùn sí. Bóyá ó ti bọ́ lọ́kàn yín. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ ṣé tí ẹ ń kọ́ wa ní sùúrù.’” Ó bọ́ jígí. “Mému, ìlà wo ló béèrè orúkọ níbẹ̀?”

Memounatou wo lẹ́tà náà látòkè délẹ̀. Kò sí ìkankan.

“Ìyá Abdias, ṣé kí n máa bẹ̀ ẹ́ ni?”

“N kò ní kí o bẹ̀ ẹ́. Bí inú bá ń bí ọ, sọ ọ́ lójú rẹ̀ tí ẹ bá ríra. Lẹ́tà yìí, orúkọ ni kó lọ gbà wá.”

Memounatou ń fi kálámù pa àwọn ìlà náà rẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Ìlà sùúrù nìkan ló ṣòro fún un, torí pé òun ló dùn mọ́ ọn jù. Ìgbà tí Boukari onítakisí, tó máa ń gbé lẹ́tà wọn lọ Bantè, fọn fèrè níta ló tó pa á rẹ́. Ohun tó kù rèé:

“Ẹ̀gbọ́n Sanoussi, mo kí ilé. Orúkọ láti Bantè kò tíì dé ọwọ́ wa. A nílò rẹ̀ ní Ọjọ́rú, torí ọkọ̀ ń lọ Cotonou ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá pé, ẹ fi èyí tó wà ránṣẹ́. Bí nǹkan bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, mo lè wá.”

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Boukari mú èsì dé. Ìkọ̀wé inú rẹ̀ tóbi, àwọn ìlà rẹ̀ sì ń wọ́ sísàlẹ̀.

“Èmi Bilkissou, ìyàwó Sanoussi, ni mo kọ ìwé yìí. Ojú ń dun ọkọ mi láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò rí ìwé kà. Ó ń tijú, kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Èmi ni mo ka lẹ́tà yín sí i létí. Kíláàsì rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi nìyẹn. Mo ti da orúkọ kíláàsì mọ́kànlá kọ. Ó ku ti Akpassi. Ẹ wá bá wa gbà á.”

Ojú ti Memounatou. Ó ń fojú inú wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní òun kò pa ìlà sùúrù yẹn rẹ́: obìnrin náà tó ń fi ìka tọ̀ ọ́, tó ń pè é díẹ̀díẹ̀ sí etí ọkọ rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun mọ̀ ọ́n kà.

Ó ká ìwé náà sínú àpò, ó sì bi Boukari bóyá àyè ẹnìkan ṣì kù nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Bantè.