Ọjọ́ Ìsinmi Kò Sí Nínú Ogójì

Láti Ọjọ́rú Eérú ni Màmá Agnes ti ń gbààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nílé rẹ̀ ní Oǹdó. Oyún méjì ti bọ́ lára Ìtùnú ọmọ rẹ̀ rí. Èyí tó wà níkùn rẹ̀ báyìí ti pé oṣù mẹ́jọ, Màmá sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ogójì ọjọ́ kí a lè gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi Àwọn Ìyá, tó jẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì, ijó ló ń jó lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹnìkan gbé mọ́ínmọ́ín lé e lọ́wọ́. Ó ti jẹ ẹ́ tán kó tó rántí àwẹ̀. Kò tíì fọwọ́ tí fóònù fi dún. Akínlolú, ọkọ Ìtùnú, ló ń pè láti Àkúrẹ́.

“Màmá, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára Ìtùnú.”

Màmá wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Nínú mọ́tò, títí wọ́n fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, ohun kan náà ló ń sọ sínú: ọwọ́ mi ni mo fi ba ti ọmọ mi jẹ́.

Nílé ìwòsàn, ètè Ìtùnú ti funfun. Wọ́n ń múra láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Akínlolú gbé tíì àti búrẹ́dì wá fún Màmá, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́. Kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ náà, nítorí kì í lò ó láìjẹun.

“Mo ti ba àwẹ̀ jẹ́,” ló wí. “Mi ò ní fẹnu kan nǹkan kan mọ́.”

Ìtùnú la ojú. “Ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́, Màmá. Ẹ kà á wò. Tí ẹ bá ka Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ogójì máa pé. Kí ló wá dé tí a fi ń gbààwẹ̀ títí di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde?”

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, Ìtùnú sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé yẹn, ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ wọ́n, ogójì ló kù. Ọjọ́ tí Jésù jí dìde ni Ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn ló jẹ́ Àjíǹde kékeré, a kì í gbààwẹ̀ nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kí n tó wọlé. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣubú.”

Wọ́n ti Ìtùnú lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Màmá mu tíì náà, ó ń dà sí i láṣọ. Ó lo oògùn rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò kúrò. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá dún, ó máa ń di apá Akínlolú mú.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì jáde. Ọmọbìnrin ni. Ó kéré púpọ̀, inú àpótí amóoru ni wọ́n gbé e sí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ti dá.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdé, wọ́n gbé ògì wá. Màmá gbé e fún Akínlolú, ó ní ọjọ́ àwẹ̀ ti dé padà, ó sì lọ dúró lẹ́bàá gíláàsì àpótí náà, ó ń wo àyà ọmọ náà bó ṣe ń lọ sókè sódò.