Lẹ́tà Kálórì Tó Sọ Mí Di Olè

Ẹ wò ó, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣeré lónìí, kó lọ mu omi tútù ná.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ ní kántíìnì ilé ìwé kan. Ogóje ọmọ ni mò ń bọ́ lójúmọ́, èmi nìkan. Tí mo bá ṣí ìkòkò ìrẹsì mi, àwọn tíṣà máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n ń kọ sára bọ́ọ̀dù. Ọmọ kan wà tí ibà ń ṣe, ó gbóòórùn adìyẹ mi látọ̀nà jíjìn, ibà náà sì gba ojú fèrèsé sá lọ. Mi ò purọ́. Tí mo bá purọ́, díẹ̀ ni.

Àǹtí mi ló ni kántíìnì, àbúrò ìyá mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”, àmọ́ pẹ̀lú ohun tó ṣe fún mi, “ó” ló máa gbà lónìí, òun àti gbogbo àgbàlagbà tó bá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ni Àǹtí fi ń jayé. Tó bá fẹ́ ra àlùbọ́sà, á kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá rà á tán, á tún kọ ọ́ pé òun ti rà á. Èmi ò mọ̀wé ní tèmi. Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀, torí mo fẹ́ràn fóònù.

Oṣù tó kọjá, Àǹtí yí oúnjẹ ọ̀sán padà: ìrẹsì funfun, adìyẹ yíyan tí a ò fi òróró sí, àti kárọ́ọ̀tì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní òun máa kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, kí wọ́n mọ iye kálórì àti purotéènì tó wà nínú abọ́ kan. Mo ní kí ló ń jẹ́ kálórì. Ó ní agbára tí oúnjẹ ń fún ara ni, pé purotéènì ló sì ń kọ́ ara ọmọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ìrẹsì tí mo ti sè sórí òṣùwọ̀n, igba gíráàmù. Ó yí àpò ìrẹsì síwájú sẹ́yìn, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kalikulétọ̀.

Mo ní, “Àǹtí, ìrẹsì yìí ti mu omi o.”

Ó ní, “Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Ìgbà wo nìwọ náà di dókítà?”

Mo gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún. Lẹ́tà jáde. Wọ́n kà á sí mi létí: ìrẹsì igba gíráàmù, adìyẹ ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kárọ́ọ̀tì àádọ́ta, àpapọ̀ kálórì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, purotéènì gíráàmù márùndínláàádọ́ta. Inú àwọn òbí dùn. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mínísítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, mò ń ha kárọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí ẹni pé ilẹ̀kùn bú ìyá ẹ̀. Bàbá ọmọ kan ni, tó ń fi wúrà ṣe òrùka àti yẹtí. Oníwúrà la ń pè é. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, torí tó bá dúró sẹ́yìn okùn aṣọ, okùn nìkan lo máa rí. Lẹ́tà Àǹtí wà lọ́wọ́ ọ̀tún Oníwúrà. Òṣùwọ̀n kékeré tó fi ń wọn wúrà wà lọ́wọ́ òsì.

“Ta ló ń jẹ ẹran ọmọ mi?”

Àǹtí ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó! Nọ́ọ̀sì ní ọmọ mi rù jù, ó gbọ́dọ̀ sanra. Alaalẹ́ ni mò ń bá a jà kó tó jẹun. Lẹ́tà yín dé, mo rí kálórì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún lọ́sàn-án nìkan! Ìdajì ohun tí nọ́ọ̀sì ní kó jẹ lójúmọ́ nìyẹn. Mo bá dẹwọ́ ìjà alẹ́, tó bá ní òun yó, mo fi í sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, a dé kíláníìkì. Kílò kan ààbọ̀ ló ti jò! Wọ́n ní tó bá tún jò sí i, wọ́n máa dá a dúró síbẹ̀!”

Ó lu lẹ́tà mọ́ tábìlì.

“Àná, mo ní kó gbé abọ́ ẹ̀ bọ̀ wálé láì fọwọ́ kàn án. Mo wọ̀n ọ́n. Adìyẹ ọgọ́rùn-ún gíráàmù tí ẹ kọ síbí, márùndínlọ́gọ́rin ni mo bá!”

Mo rò pé Àǹtí máa dá a lóhùn. Èmi ló kọjú sí.

“Ìwọ ni! Èmi fúnra mi ni mo wọn adìyẹ yẹn kí n tó gbé e fún ẹ, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún, lójú méjèèjì mi! Ọ̀fun ẹ ló gbà lọ!”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi! Èmi tí mo lè jókòó ti ìkòkò ẹran fún ọjọ́ mẹ́ta kí n má tọ́ ọ wò!

Ariwo yẹn ló gbé ọ̀gá ilé ìwé dé. Obìnrin tó gùn bí òpó iná, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù. Ó gbọ́ ti Oníwúrà, ó gbọ́ ti Àǹtí, ó wò mí.

“Kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jí oúnjẹ ọmọ. Ẹni náà ò ní wọ gééti mi mọ́. Mà á sì sọ fún gbogbo òbí.”

Ó jáde. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ ṣá? Gbogbo òbí. Ta ló máa gba kúùkù tó ń já ẹran gbà lẹ́nu ọmọ tó ń rù? Mà á rin ìlú yìí já, ibi tí mo bá dé, wọ́n á ti máa kó ìkòkò wọn wọlé.

Mo ju ọ̀bẹ kárọ́ọ̀tì sílẹ̀. “Bàbá Abẹ́rẹ́, ẹ gbé òṣùwọ̀n yín wá.”

“Ta lò ń pè ní Abẹ́rẹ́?”

“Ẹ máa bínú ìyẹn tó bá yá! Ẹ mú adìyẹ kan látinú fíríìjì, ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ wọ̀n ọ́n.”

Ó mú ọ̀kan, tútù, igẹ̀ láìsí awọ. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù géérégé. Ó yọ òwú kan lára ẹ̀wù ẹ̀, ó fi so adìyẹ náà nídìí kí n má bàa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀sí! Mo gbé e sínú ààrò. Ó fa àga, ó jókòó síwájú ààrò. Ọkùnrin yẹn ò ṣẹ́jú. Mo rò pé eṣinṣin kan bà sí i lójú, ó wulẹ̀ ń wò ó ni.

“Ẹ tún wọn ìrẹsì gbígbẹ, ọgọ́rùn-ún gíráàmù,” mo ní. Ó wọ̀n ọ́n. Mo gbé e kaná nínú ìkòkò kékeré.

Àǹtí ní, “Eré wo lò ń ṣe?”

“Eré olè ni, Àǹtí. Ẹ máa wò mí.”

Nígbà tí adìyẹ jinná, Oníwúrà fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ọ́. Òwú ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé e lórí òṣùwọ̀n. Márùndínlọ́gọ́rin.

Ó tún un gbé. Márùndínlọ́gọ́rin.

Mo ní, “Omi ara ẹ̀ ló bá iná lọ. Ẹ fi ọwọ́ sí mi lẹ́nu kí ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀!”

Ó ń wo lẹ́tà, ó ń wo adìyẹ. Ìrẹsì náà ti fa omi ẹ̀ tán. Mo dà á sórí òṣùwọ̀n. Ọgọ́rùn-ún tó wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ti di ọ̀ọ́dúnrún. Kò ba mi nínú jẹ́ láti sọ fún yín pé hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò lẹ̀ mọ́ra.

“Nígbà tí ìrẹsì mu omi,” mo ní, “ṣé omi náà ní kálórì ni?”

Oníwúrà dìde. “Níbo lẹ ti rí nọ́ńbà ìrẹsì tí ẹ fi ṣírò?” Àǹtí ni ó ń bi, àmọ́ èmi ni mo na ìka sí àpò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á sókè: “Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìrẹsì gbígbẹ, kálórì òjìdínnírinwó.” Ó tẹnu mọ́ “gbígbẹ” yẹn bí ẹni ń kan ìṣó.

Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ṣírò lẹ́yìn lẹ́tà Àǹtí gan-an. Abọ́ ìrẹsì tí Àǹtí kọ kálórì okòólélẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin sí lára, kò ju òjìlérúgba lọ. Adìyẹ náà, Àǹtí wọ̀n ọ́n ní tútù, ó wá lọ fi nọ́ńbà adìyẹ tó ti jinná ṣírò ẹ̀. Nínú purotéènì mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kọ, bíi mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀. Gbogbo abọ́ lápapọ̀, kálórì bí irinwó. Purotéènì, méjìdínlọ́gbọ̀n.

“Irinwó,” ó ní. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀, ìyẹn ló burú jù. “Mo fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún sọ́kàn, mo ń jẹ́ kí ọmọ mi sùn láì jẹun tó. Irọ́ ni ọmọ mi ń jẹ láti oṣù kan!”

Àǹtí ní, “Àṣìṣe ni sà.”

“Tèmi ńkọ́?” mo pariwo. “Nígbà tó jẹ́ tèmi, olè ni ẹ pè é!”

Oníwúrà mú ìṣirò náà lọ fi han ọ̀gá ilé ìwé.

Ọ̀gá ilé ìwé ní kí lẹ́tà mìíràn jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwọn òbí tó wá mú ọmọ. Mo bínú pín oúnjẹ, àmọ́ mo pín in, torí àwọn ọmọ ò pè mí lólè. Ṣíbí mi ò yẹ̀: Oníwúrà wọn abọ́ kan, ìrẹsì jẹ́ igba dín méjì. Atẹ́gùn ló gbé méjì yẹn lọ.

Nígbà tó di aago méjì, Àǹtí kó lẹ́tà tuntun dé, ogóje, ó ṣì ń gbóná láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo fa ọ̀kan yọ, mo nà án sí Oníwúrà. “Ẹ bá mi kà á.”

Ó kà á: kálórì irinwó, purotéènì méjìdínlọ́gbọ̀n, àfikún ẹyin bíbọ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ Ajé. Ó dáa. Ó wá kan ìsàlẹ̀: “Àṣìṣe tó wáyé nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ilé ìdáná wá.”

“Ta ló wà nílé ìdáná?” mo ní.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà jọ.

“Àǹtí, ta ló wà nílé ìdáná? Èmi nìkan! Ẹ tún dáná sun mí lẹ́ẹ̀kejì!”

“Àwọn èèyàn ò ní ronú dé bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ti ronú débẹ̀,” Oníwúrà ní. Ó yọ bírò lápò, ó fi síwájú Àǹtí. “Ìyá, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀.”

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ká ọwọ́ mi mọ́ àyà. Àǹtí fa ìlà gba orí gbólóhùn yẹn já, ó sì fọwọ́ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: “Èmi ni mo ṣì í ṣírò. Ẹni tó ń se oúnjẹ ò jí nǹkan kan.” Ó ní ṣé kí òun tún lọ tẹ òmíràn. Mo ní rárá, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ rí níbẹ̀. Ó kọ èkejì. Ó kọ ẹ̀kẹta. Ọwọ́ ń ro ó, ó ń gbọn ìka, ojú ẹ̀ le sí mi bí òkúta, tèmi náà sì le sí i. Oníwúrà ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á, ó ń mi orí sí mi pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n pé ogóje kí n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn òbí lè rí ọ̀nà wọlé.